Ẹyin tó sán nínú kéréètì: ṣé kí n sè é ni, tàbí kí n dà á nù?

Àdùkẹ́ Onílé (7:12 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ará. Ọjọ́ kẹrin rèé tí mo ra kéréètì ẹyin kan, ọgbọ̀n ẹyin ló wà nínú rẹ̀. Bí mo ṣe ń mú ẹyin jáde láàárọ̀ yìí ni mo rí i pé ọ̀kan ti sán. Ìlà ara rẹ̀ tín-ín-rín bí irun orí; láti ìdí tó tóbi ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gùn tó ìka ọmọńdinrín títí dé ibi tí ẹyin náà ti wọnú ihò páálí. Mo ní láti fà á kí ó tó jáde, nítorí pé omi funfun díẹ̀ ti ṣẹ́ jáde níbẹ̀, ó sì ti gbẹ bí àtè. Omi yẹn tún ṣàn kan ẹyin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò sán rárá. Níbi tí mo ti ń tú wọn sílẹ̀, ọwọ́ mi gbá ẹyin kẹta mọ́ etí tábìlì, òun náà sì sán lójú mi, àmọ́ kò jo.

Ìyá ọkọ mi ní kí n se mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀, pé kò sí kòkòrò tó ń bá iná jà. Ọkọ mi ní kí n kó gbogbo wọn dà nù. Mo gbóòórùn èyí tó jo, kò rùn. Ohun tó wá ń dà mí láàmú ni pé wọ́n kọ́ wa ní ilé ìwé pé ihò ti wà lára èèpo ẹyin tẹ́lẹ̀ kí òròmọdìyẹ lè máa mí. Bí ó bá jẹ́ pé ihò ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti yé e, kí ni sísán tún fi kún un?

Bàbá Ọlọ́sìn (7:40 àárọ̀)

Ìyá ọkọ rẹ gbọ́n, ọmọ mi. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń sin adìyẹ tí ń yé ẹyin, àwọn tó bá sán ni àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ náà sì máa ń jẹ, nítorí pé a kò lè kó wọn fún oníbàárà. Fi omi tútù fọ̀ ọ́ dáadáa, sè é kí ó jinná, kí o jẹ ẹ́. Èyí tó bá rùn tàbí tó léfòó nínú omi nìkan ni ẹyin ọ̀bu. Ìwọ náà ti dáhùn ìbéèrè rẹ fúnra rẹ: gbogbo ẹyin ló ní ihò, nítorí náà èyí tó sán àti èyí tí kò sán, ọ̀nà ti là sínú àwọn méjèèjì.

Afìdímúlẹ̀ (8:25 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Ẹ má bínú sí mi. Ibi tí ẹ ti sọ pé gbogbo ẹyin ló ní ihò, òótọ́ pọ́ńbélé ni; ibi tí ẹ ti fi ìyẹn ṣe òpin ọ̀rọ̀ ni n kò ti bá yín lọ. Yíyẹ oúnjẹ wò fún àwọn kòkòrò àìfojúrí ni iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun, ẹyin sì wà lára ohun tó máa ń kọjá lọ́wọ́ mi jù lọ.

Èèpo ẹyin adìyẹ kì í sábà nípọn tó ìdajì mìlímítà. Àwọn ihò wínníwínní tó gba inú rẹ̀ kọjá máa ń lé ní 7,000, wọ́n sì lè lé ní 15,000 lára ẹyin kan ṣoṣo, wọ́n sì máa ń pọ̀ ní ìdí tó tóbi ju ibi ṣóńṣó lọ. Bakitéríà kan kéré gan-an sí irú ihò bẹ́ẹ̀, nítorí náà bí a bá ń wo fífẹ̀ ọ̀nà nìkan, Bàbá jàre. Ṣùgbọ́n adìyẹ kì í fi ẹnu ihò wọ̀nyẹn sílẹ̀ gbayawu. Kí ẹyin tó bọ́ sílẹ̀, ara adìyẹ ti fi ohun kan tó tutù, tó sì ń yọ̀, kun gbogbo ojú èèpo rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ni ohun náà máa ń gbẹ, tí á sì di ìbora fẹ́lẹ́ tó dí ẹnu púpọ̀ nínú àwọn ihò náà. Afẹ́fẹ́ ṣì ń rí ọ̀nà gbà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n omi àti kòkòrò tó bá omi wá kì í rọ́nà bọ̀rọ̀.

Bí kòkòrò bá rí ihò tí ìbora kò dí, awọ méjì ni yóò tún bá lábẹ́ èèpo, àwọn awọ funfun tí a máa ń rí nígbà tí a bá ń bó ẹyin sísè. Òwú tó wọnú ara wọn ni àwọn awọ náà dà bí, wọ́n sì máa ń dá kòkòrò dúró fún ìgbà díẹ̀ bí asẹ́. Bí ó bá kọjá ìyẹn náà, inú funfun ẹyin ni yóò bọ́ sí, ibẹ̀ kò sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Funfun ẹyin ki, kò jẹ́ kí ó rìn. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni afẹ́fẹ́ kan ń jáde kúrò nínú rẹ̀, tí ó sì ń di ohun tó jọ omi eérú, èyí tí ọ̀pọ̀ kòkòrò kì í fẹ́. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó ń fọ́ ara àwọn bakitéríà kan, òmíràn sì máa ń so gbogbo irin inú rẹ̀ mọ́ ara, tó bẹ́ẹ̀ tí kòkòrò kò fi ní rí irin tó nílò láti bí sí i. Pupa ẹyin ni oúnjẹ wà, àárín gbùngbùn sì ni ó máa ń wà. Kòkòrò tó bá gba ẹnu ihò wọlé ní láti la gbogbo rẹ̀ kọjá kí ó tó débẹ̀, ọ̀pọ̀ kì í sì í dé.

Sísán kì í ṣe ihò kan tí a fi kún ẹgbẹ̀rún mélòó kan, Ìyá Onílé. Ohun tí ó ṣe ni pé ó la ìbora òde àti èèpo papọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní gbogbo gígùn ìlà yẹn. Kò sí ohun tó dí ẹnu rẹ̀. Bí o ṣe sọ pé omi funfun ti jáde lára ẹyin àkọ́kọ́, ìyẹn fi hàn pé àwọn awọ inú náà ti ya, nítorí pé omi kì í jáde bí awọ bá wà lódidi. Ibi tí omi bá gbà jáde, kòkòrò lè gbà á wọlé. Omi tó ṣẹ́ jáde náà jẹ́ oúnjẹ àti ọ̀rinrin fún ohunkóhun tó wà lára páálí, ìdọ̀tí adìyẹ sì sábà máa ń wà lára páálí ẹyin. O kò mọ ọjọ́ tó sán. Ó lè jẹ́ ọjọ́ tí o rà á gan-an. Dà á nù.

Ti òórùn ńkọ́? Àwọn kòkòrò tó ń ba ẹyin jẹ́ ni ó ń mú un rùn, tó ń mú omi rẹ̀ di àwọ̀ ewé tàbí dúdú. Sàmónẹ́là, tó ń dá inú rú, lè pọ̀ sínú ẹyin kí ó má rùn, kí àwọ̀ rẹ̀ má yí padà, kí adùn rẹ̀ má sì yàtọ̀. Imú rẹ kò lè bá ọ dá ẹjọ́ yìí.

Ṣadé_L (8:31 àárọ̀)

Tèmi máa ń sán nínú ìkòkò nígbà tí omi bá ń hó, tí funfun rẹ̀ á máa tú jáde bí òwú. Ṣé gbogbo èyí tí mo ti jẹ látọjọ́ yìí ni ó yẹ kí n ti dà nù? Àyà mi ń já o.

Ìyá Nọ́ọ̀sì (8:44 àárọ̀)

Fọkàn balẹ̀, Ṣadé, ọ̀tọ̀ ni tìrẹ. Èyí tó sán nínú omi híhó wọnú ìkòkò lódidi ni, inú iná ni ó sì ti là, ooru sì dé ibi tó là náà ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an. Jẹ ẹ́. Ohun tí a ń sọ níhìn-ín ni èyí tó ti sán kí ó tó dé ìdí iná, tó sì ti jókòó ní sísán fún wákàtí tàbí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ iye rẹ̀.

Bàbá Ọlọ́sìn (9:05 àárọ̀)

Mo ka ọ̀rọ̀ Afìdímúlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbà pé ìbora kan wà, a mọ̀ ọ́n dáadáa: ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ máa ń tutù lọ́wọ́ ẹni, kí o tó kà dé orí nǹkan kan, ó ti gbẹ. Ojú rẹ̀ kì í sì í dán, ó máa ń dà bíi pé a fi lẹ́búlẹ́bú kùn ún. Ṣùgbọ́n ẹ kò fèsì sí fífọ̀ tí mo sọ. Bí ìdọ̀tí bá kúrò lára rẹ̀, kí ló kù tí yóò wọlé?

Afìdímúlẹ̀ (9:50 àárọ̀)

Mo dúpẹ́ pé ẹ bi mí, Bàbá, nítorí pé omi tútù yẹn ni ó ń kọ mí lóminú jù nínú ohun tí ẹ kọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ẹnikẹ́ni lè fi ojú ara rẹ̀ rí. Ẹ mú ẹyin odidi kan tó ti wà nínú ilé fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ rọra gbé e sínú abọ́ omi gbígbóná, kí ẹ sì tẹjú mọ́ ìdí rẹ̀ tó tóbi. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí ìfóófòó wínníwínní tí ń tẹ̀ lé ara wọn jáde níbẹ̀ bí ìgbà tí a so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ okùn. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú àpò kékeré tó wà ní ìdí ẹyin ni. Ooru mú un wú, ó sì ń gba ẹnu ihò jáde. Èyí ni ẹ̀rí pé àwọn ihò náà kì í ṣe àròsọ.

Ẹ wá yí i padà. Bí ẹyin bá gbóná, tí a sì kì í bọ omi tútù, ohun inú rẹ̀ á sún kì, afẹ́fẹ́ inú àpò náà á dín kù, ẹyin á sì máa fa ohun tó yí i ká wọlé. Nínú afẹ́fẹ́ lásán, afẹ́fẹ́ ni yóò fà. Nínú omi, omi ìdọ̀tí tí ẹ fi ń fọ̀ ọ́ gan-an ni yóò fà, pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí àpò afẹ́fẹ́ yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn: ara adìyẹ gbóná tó nǹkan bí 41°C, nígbà tí ẹyin bá sì bọ́ síta tí ó ń tutù, ohun inú rẹ̀ á sún kì, awọ méjèèjì á yà síra ní ìdí tó tóbi, afẹ́fẹ́ á sì gba ẹnu ihò wọ ibẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fọ ẹyin kì í fi omi tútù ṣe é. Omi wọn gbọ́dọ̀ gbóná ju ẹyin lọ ní nǹkan bí 11°C ó kéré tán, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbẹ ẹyin náà kíákíá lẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn fún ẹyin tí èèpo rẹ̀ wà lódidi ni o. Ẹyin tó ti sán kò yẹ ní fífọ̀ rárá, ì báà jẹ́ omi gbígbóná tàbí tútù, nítorí pé ẹ ń fi ọwọ́ yín ti omi gba ojú sísán náà wọlé ni.

Fífọ̀ tún ń bó ìbora tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò. Àwọn orílẹ̀-èdè pàápàá kò fi ohùn kan sí i: ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń fọ ẹyin títà, wọ́n á sì wá máa tọ́jú rẹ̀ sínú òtútù títí yóò fi dé ọwọ́ ẹni tó rà á; ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, wọn kì í fọ ẹyin tí wọ́n ń tà fún jíjẹ, wọ́n fẹ́ kí ìbora rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni pé kò sí èyí tó ń tà ẹyin tó jo fún ìdílé.

Oníkéèkì Aládùn (10:20 àárọ̀)

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, bí ojú tilẹ̀ ń tì mí. Mo máa ń ya àwọn ẹyin tó sán sọ́tọ̀ fún kéèkì, nítorí pé wákàtí kan gbáko ni ó máa ń lò nínú ààrò, n kò sì rí ìjàǹbá rẹ̀ rí. Ní ọjọ́ kan, odidi ẹyin mi tán. Mo mú funfun ẹyin méjì nínú àwọn tó sán, mo pò ó mọ́ ṣúgà títí ó fi wú bí ìfóófòó, mo sì fi ṣe ẹ̀ṣọ́ orí kéèkì láìfi kan iná. Kéèkì náà kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan nínú ilé wa. Àwọn tó jẹ ẹ̀ṣọ́ orí rẹ̀ ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ní ọjọ́ kejì, àwa mẹ́ta, a sì gbóná bí iná fún ọjọ́ mẹ́rin. Àbúrò mi tó ha ẹ̀ṣọ́ orí tirẹ̀ dànù, kò sí ohun tó ṣe é.

N kò gbé e lọ sí ibi àyẹ̀wò, nítorí náà n kò lè búra pé ẹyin ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni n kì í ti í ya ẹyin tó sán sọ́tọ̀ mọ́, nítorí pé bí ó bá ti wà nínú ilé, ọjọ́ kan á pé tí n ó gbàgbé ohun tí mo yà á sọ́tọ̀ fún.

Ìyá Nọ́ọ̀sì (10:58 àárọ̀)

Oníkéèkì, pẹ̀lẹ́ o. Ohun tí o sọ bá bí ó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ mu: àìsàn Sàmónẹ́là lè bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́fà sí ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn oúnjẹ, ìgbẹ́ gbuuru, ibà àti inú rírun ni ó sì máa ń bá wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bọ́ nínú rẹ̀ láìlo oògùn, ṣùgbọ́n ọmọdé, àgbàlagbà, aboyún àti ẹni tí ara rẹ̀ kò le lè dé ilé ìwòsàn nítorí rẹ̀.

Mo fẹ́ gbè sẹ́yìn ìyá ọkọ Àdùkẹ́ díẹ̀, nítorí pé ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Òótọ́ ni pé iná ń pa Sàmónẹ́là. Bí àárín oúnjẹ tí a fi ẹyin ṣe bá gbóná dé 71°C, kò sí èyí tí yóò yè. Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti jìn sí kòtò ni pé kí ẹyin tó jo tó dé inú iná, ó ti kan ọwọ́ rẹ, ó ti kan etí tábìlì àti ìmumu fíríìjì, bóyá o sì ti fi ọwọ́ yẹn kan náà mú búrẹ́dì. Iná kò sè ọwọ́ rẹ. Ẹ tún wo bí a ṣe ń sè é: ẹni tó fẹ́ kí pupa ẹyin rẹ̀ máa ṣàn kò tíì sè é dé ibi tí mo sọ. Pupa gbọ́dọ̀ dì, funfun náà gbọ́dọ̀ dì.

Ti ẹyin kejì, èyí tí omi náà kàn ṣùgbọ́n tí kò sán, èmi yóò dà á nù pẹ̀lú. Omi tó gbẹ mọ́ ọn ti fi kòkòrò lẹ̀ mọ́ ẹnu ihò rẹ̀.

Afìdímúlẹ̀ (11:15 àárọ̀)

Mo bá Ìyá Nọ́ọ̀sì lọ títí dé ìlà tó kẹ́yìn. Ẹyin kejì kò sán, ìbora rẹ̀ ṣì lè wà níbẹ̀, ó sì ti gbẹ. Gbígbẹ kì í ṣe ọ̀rẹ́ bakitéríà. Èmi yóò fi bébà gbígbẹ nu ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn, n ó sì sè é lónìí títí inú rẹ̀ yóò fi dì. Kì í ṣe èyí tí mo lè fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ti ẹyin kẹta, èyí tó sán lójú rẹ tí kò sì jo: awọ inú rẹ̀ kò tíì ya, o sì mọ ìṣẹ́jú tó sán. Fọ́ ọ sínú abọ́ mímọ́ báyìí, dé e pa, gbé e sínú fíríìjì, kí o sì sè é kí ó jinná kí ọjọ́ méjì tó pé. Má ṣe fi í sílẹ̀ nínú èèpo tó sán yẹn kí o máa sọ pé o ó lò ó lọ́la.

Ìyá Nọ́ọ̀sì (11:22 àárọ̀)

Àwọn tó ń gbé pẹ̀lú ọmọ kékeré nínú ilé ni mo máa ń rò mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí tèmi: èmi á dà á nù.

Akínyẹlé (12:10 ọ̀sán)

Bàbá sọ pé kí a wò ó bóyá ó léfòó. Ìyá mi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé ìyẹn kò tó ni?

Afìdímúlẹ̀ (12:34 ọ̀sán)

Ọjọ́ orí ẹyin ni ìyẹn ń sọ. Bí omi inú ẹyin ti ń gba ẹnu ihò gbẹ jáde ni àpò afẹ́fẹ́ ìdí rẹ̀ ń tóbi sí i, nígbà tó bá sì tóbi tó, ẹyin á léfòó. Ẹyin tí adìyẹ yé ní àná lè rì sísàlẹ̀ pẹ̀lú kòkòrò nínú rẹ̀, òmíràn á sì léfòó nítorí pé ó ti gbó lásán. Ẹ má sì ṣe dán an wò lára èyí tó sán, nítorí pé inú omi ni ẹ ń kì í bọ̀ yẹn.

Bàbá Ọlọ́sìn (1:05 ọ̀sán)

Ó dára, mo gba ti omi tútù. Láti ọdún tó ti pẹ́ ni mo ti ń rí i pé àwọn ẹyin tí a bá fọ̀ máa ń tètè di ọ̀bu ju àwọn tí a kò fọ̀ lọ, n kò kàn mọ ìdí rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn èyí: wọ́n ti sọ fún wa pé Sàmónẹ́là lè wà nínú ẹyin láti inú adìyẹ fúnra rẹ̀, kí èèpo tó bò ó. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹyin odidi náà kò mọ́. Kí ló dé tí a wá ń dá èyí tó sán nìkan lẹ́bi?

Afìdímúlẹ̀ (1:48 ọ̀sán)

Òótọ́ ni, Bàbá. Adìyẹ tó ní Sàmónẹ́là nínú ibi tí ẹyin ti ń dá lè fi í sínú ẹyin kí èèpo tó bò ó, èèpo tó dára jù lọ kò sì lè dá ìyẹn dúró. Ìdí nìyí tí a fi ń tọ́jú ẹyin odidi pẹ̀lú sínú òtútù, tí a sì ń sè é kí ó dì. Ṣùgbọ́n ẹyin tó bá rí bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ láàárín ẹyin, kòkòrò inú rẹ̀ sì máa ń kéré níye ní ìbẹ̀rẹ̀. Inú funfun ni ó sábà máa ń há sí, níbi tí kò ti lè bí sí i dáadáa. Bí ẹyin bá ń gbó nínú ooru ni awọ tó yí pupa ká ń rọ̀, tí oúnjẹ inú pupa ń jò wá bá kòkòrò náà, tí òun náà sì ń pọ̀ sí i. Èyí tó sán kò nílò irú oríire bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní ṣíṣí sí ọwọ́, páálí, ìdọ̀tí àti ọ̀rinrin ní gbogbo ọjọ́ tó bá fi jókòó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ẹyin sínú fíríìjì, ẹ má máa gbé e jáde kí ó làágùn, kí ẹ sì tún dá a padà. Òógùn tó bò ó ní ìta yẹn jẹ́ omi, nígbà tí ó bá sì tún ń tutù padà, ẹ mọ ibi tí omi náà ń lọ.

Àdùkẹ́ Onílé (6:30 ìrọ̀lẹ́)

Mo dúpẹ́ púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo ti fi ọ̀rá di èyí tó jo, mo dà á nù, mo gé ibi tí ó lẹ̀ mọ́ lára páálí kúrò, mo sì fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ orí tábìlì àti ọwọ́ mi. Mo fọ́ èyí tó sán lójú mi sínú abọ́, mo dín in lọ́sàn-án yìí títí ó fi gbẹ. Ti ẹyin kejì, ilé wa kò tíì fẹnu kò. Ọkọ mi wà lẹ́yìn Ìyá Nọ́ọ̀sì, ìyá ọkọ mi sì ní òun ti rí ẹni tó gbè sẹ́yìn òun, Afìdímúlẹ̀ ni. Ó ṣì wà nínú abọ́ kan lọ́tọ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ yín, mo pa iná yàrá, mo sì ń gbé àwọn mẹ́tàdínlógún tó kù lé orí iná tọ́ọ̀ṣì fóònù mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú wọn pọ́n yọ̀ọ̀, àpò afẹ́fẹ́ yẹn sì hàn kedere ní ìdí wọn bí òṣùpá kékeré. Ara ọ̀kan ni mo ti rí ìlà kan tó ń tàn ju ibi yòókù lọ, ó sì yà sí méjì bí ẹ̀ka igi. Mo gbé e sínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, n kò rí ohunkóhun. Mo fi èékánná rìn ín, n kò mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Ṣé sísán ni kí n pe ìyẹn?

Bàbá Ọlọ́sìn (6:52 ìrọ̀lẹ́)

Sísán ni. Bí a ṣe máa ń yọ wọ́n kúrò nìyẹn kí ẹyin tó kúrò lọ́gbà. Mú òun àti ẹyin odidi kan, kí o rọra fi wọ́n kan ara wọn létí rẹ: odidi pẹ̀lú odidi máa ń dún gbáù bí òkúta, èyí tó sán á dún kẹ̀hẹ̀ bí ìkòkò tó ti là. Rọra o, kí o má lọ fọ́ odidi tó kù.

Àdùkẹ́ Onílé (7:03 ìrọ̀lẹ́)

Ó dún kẹ̀hẹ̀, Bàbá. N kò mọ ọjọ́ tó sán, nítorí náà mo ti jù ú nù. Ó ku mẹ́rìndínlógún.